"Ó ti wọ́n jù" kì í ṣe iye owó, ẹ má fi iye owó dá a lóhùn

1/
Ẹ̀yin télọ̀ ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ tí oníbàárà ń gbé wá bá yín, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí gbólóhùn kan tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́: "Háà, ó ti wọ́n jù." Èrò tèmi ni pé gbólóhùn yẹn kọ́ ló ń ba ọjà wa jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ìdáhùn tó máa ń já bọ́ lẹ́nu wa kí oníbàárà tó mí: "Ó dáa, ẹ mú 50 wá." Okùn ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ fa àga.

2/
Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn dáadáa. Oníbàárà ò dárúkọ iye kankan. Kò ní òun fẹ́ san 50. Kò ní òun ò lówó. Kò tiẹ̀ ní òun ò ní rán an lọ́dọ̀ yín mọ́. Ó kàn ní ó wọ́n ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá bá a ná ọjà yín.

Ti orí Wọ́sáàpù tún burú jù. Ẹ fi 65 ránṣẹ́, ó kà á, kò fèsì. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ kọ "60 ń kọ́?" Nígbà tó di alẹ́, ẹ kọ "ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ ní." Ẹni yẹn lè wà ní ìpàdé láti àárọ̀ o! Ó máa ṣí fóònù, ó máa rí i pé owó ti já lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ́ pé òun la ẹnu.

3/
Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ pé, "Yorùbá ni wá jàre, ta ni kì í ná ọjà?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjà méjì ló wà.

Tí ẹ bá dé Bódìjà tẹ́ ẹ fẹ́ ra tòmátì, tòmátì náà wà nílẹ̀, ẹ̀ ń wò ó, ẹ lè tẹ̀ ẹ́. Ìyá olọ́jà mọ̀ pé ẹ máa ná an, ó ti fi àyè ìnáwó sínú iye tó kọ́kọ́ pè. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì jọ mọ òfin eré yẹn. Bó bá já owó, tòmátì ò yí padà.

4/
Aṣọ tẹ́ ẹ fẹ́ rán ò tíì sí láyé. Iye tẹ́ ẹ pè ló máa sọ irú aṣọ tó máa jáde. Tẹ́ ẹ bá já ₦10,000 kúrò láìyí iṣẹ́ padà, ₦10,000 yẹn máa wá láti ibì kan, ibẹ̀ sì kọ́ ni àpò yín nìkan. Ó máa wá láti ara gọ́ọ̀mù tó fúyẹ́ tí yóò jẹ́ kí ọrùn bùbá wó lẹ́yìn ìfọ̀ kejì. Ó máa wá láti ara òwú tó ń já. Ó máa wá láti ara pé iṣẹ́ ẹni tó san pé lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, tẹni tó ná an á sì wà nínú àpò di ọjọ́ Jímọ̀ tí òde ku ọ̀la. Òun ló dé tí oníbàárà fi ń ní "télọ̀ kì í mú àdéhùn ṣẹ."

5/
Ẹ jẹ́ kí n ṣírò ọ̀kan fún yín, kó má dà bíi pé àròyé lásán ni mò ń ṣe. Agbádá alápá mẹ́ta: agbádá, bùbá, ṣòkòtò. Oníbàárà ló ra aṣọ. Iye tí mo pè fún rírán pẹ̀lú mónógíràmù ni ₦65,000. Bó ṣe pín nìyí:

Oní-mónógíràmù gba ₦22,000.
Òwú, gọ́ọ̀mù, bọ́tìnnì, aṣọ àpò: ₦6,000.
Epo jẹnẹrétọ̀, iná, lílọ aṣọ: ₦5,000.
Ọmọṣẹ́ tó bá mi rán bùbá àti ṣòkòtò: ₦10,000.
Ìpín aṣọ yìí nínú owó ṣọ́ọ̀bù: ₦4,000.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦47,000. Ohun tó kù fún èmi tí mo wọn ara, tí mo gé e, tí mo rán agbádá gan-an, tí mo sì parí gbogbo rẹ̀ ni ₦18,000.

6/
Ó dáa, oníbàárà ní "ó wọ́n," mo sì ní "ẹ mú 55 wá." Lójú oníbàárà, ẹ̀dínwó kékeré ni, kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀dọ̀ tèmi. Oní-mónógíràmù ò ní dín kọ́bọ̀ nínú tiẹ̀. Elépo ò ní gbọ́ pé oníbàárà mi ná ọjà. Gbogbo ₦10,000 yẹn, inú ₦18,000 mi ló ti máa jáde. Ó ku ₦8,000. Ju ìdajì èrè mi ló lọ.

Kí n tó rí ₦18,000 yẹn padà, mo gbọ́dọ̀ rán agbádá méjì kọjá, lórí èyí tí n bá fi ọ̀kan ṣoṣo rí. Ẹni tó bá ń jáwó láìṣírò, iṣẹ́ á kún ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, owó ò sì ní sí nílẹ̀ láti fi tún ẹ̀rọ ṣe.

7/
Kí wá ni ká ṣe? Ẹ béèrè. "Ó wọ́n" jẹ́ ìlẹ̀kùn, ẹ kọ́kọ́ mọ yàrá tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Nínú ohun tí mo ti rí, yàrá mẹ́ta ló máa ń wà níbẹ̀.

Èkíní: ó ń fi wé nǹkan kan, yálà télọ̀ mìíràn, tàbí iye tó san lọ́dún méjì sẹ́yìn, tàbí aṣọ rírán-sílẹ̀ tó rí lọ́jà.
Èkejì: iye tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò tó.
Ẹ̀kẹta: kò fi wé nǹkan kan, owó sì wà. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà ni pé èèyàn kì í san iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń sọ. Oògùn wọn ò sì jọra rárá.

8/
Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́: ìbéèrè kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Èyí tí mo máa ń lò ni: "Mo gbọ́ yín sà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi wé e?"

Ohùn ló ṣe pàtàkì jù. Tẹ́ ẹ bá bi í bí ọlọ́pàá, ìjà nìyẹn. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà, "ẹ jọ̀ọ́" ò gbọ́dọ̀ yọ, "mo gbọ́ yín" náà ò gbọ́dọ̀ yọ. Ẹ ò bá a jiyàn pé kò wọ́n. Ẹ ò sì gbà pé ó wọ́n. Ẹ kàn fẹ́ mọ ibi tó dúró sí ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn máa ń gún èèyàn lára, òun ló máa ń mú wa já owó. Ẹ jẹ́ kó gún yín díẹ̀.

9/
Ẹni tó ń fi wé nǹkan máa dárúkọ nǹkan náà: "Télọ̀ àdúgbò wa ní 45." Ẹni tí owó ò tó máa sọ iye tó ní, tàbí kí ohùn ẹ̀ rọlẹ̀, kó ní "ìnáwó ti pọ̀ lósù yìí." Ẹni tó kàn ń ná ọjà kì í rí nǹkan kan sọ ní pàtó. Ó máa rẹ́rìn-ín, ó máa ní "Ẹ ṣe dáadáa fún mi jàre" tàbí "Èló ni jálẹ̀?" Ẹ fetí sí ohun tó tẹ̀ lé ìbéèrè yẹn, ẹ ò ní ṣì í mọ̀.

10/
Ẹ jẹ́ ká mú agbádá ₦65,000 yẹn rìn dé òpin. Bàbá kan fẹ́ rán an fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn. Bí mo ṣe pe iye, wọ́n ní: "Háà! Ó ti wọ́n jù, télọ̀."

Mo ní: "Mo gbọ́ yín sà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi wé e?"

Wọ́n ní: "Ẹnì kan wà ládùúgbò wa, ₦45,000 ló ní òun máa gbà."

₦20,000 ni ìyàtọ̀ yẹn. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń kú. A máa ní "àwọn yẹn ò mọ iṣẹ́," tàbí ká já a sí 50 lójú ẹsẹ̀. Méjèèjì ò dáa.

11/
Ohun tí mo béèrè ni: "Ṣé mónógíràmù wà nínú ₦45,000 yẹn sà?"

Wọ́n ronú. Wọ́n ní àwọn ò bi í. Mo ní kí wọ́n bá mi bi í. Wọ́n pè é níwájú mi. Ó ní rárá o, rírán nìkan ni, wọ́n á gbé e lọ fún oní-mónógíràmù fúnra wọn.

Ẹ padà sí ìṣirò wa. Tí mo bá yọ ₦22,000 mónógíràmù kúrò nínú ₦65,000 mi, ₦43,000 ni rírán tèmi. Ó tiẹ̀ fi ₦2,000 dín sí tẹnì kejì. Iye méjèèjì ò wọ́n ju ara wọn lọ ní ti gidi, iṣẹ́ tó wà nínú wọn ni kò dọ́gba.

Tí mo bá ti sáré já a sí 50, mi ò bá ti rán agbádá pẹ̀lú mónógíràmù, kí èrè mi sì jẹ́ ₦3,000, torí iye kan tí kò jọ tèmi.

12/
Ìkìlọ̀ kan: nígbà tí ọ̀rọ̀ bá já sí báyìí, ẹ má yọ ayọ̀ ìṣẹ́gun. Ẹ má ní "ṣé ẹ ti wá rí i báyìí?" Ẹni tí ojú tì ò ní sanwó, ó máa lọ síbòmíràn kó má bàa rí yín mọ́. Mo kàn ní, "Ẹ ṣé sà, ìyẹn ló mú kí tèmi jọ pé ó ga. Èwo lẹ fẹ́, kí n bá yín kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ ni, àbí kí n rán an nìkan?"

13/
Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí n kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, àwọn ò lè máa wá oní-mónógíràmù kiri. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bíi 55 ni àwọn ní lọ́kàn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé yàrá ti yí padà. A ti kúrò ní ìfiwéra, a ti dé ọ̀dọ̀ owó tí kò tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ní ọ̀dọ̀ owó tí kò tó, àlàyé nípa dídára iṣẹ́ ò wúlò mọ́. Ẹni tó ní 55 ò ní di ẹni tó ní 65 torí pé ẹ sọ̀rọ̀ dáadáa. Ohun tó kù ni iṣẹ́ fúnra rẹ̀.

14/
Òfin mi nìyí, tẹ́ ẹ bá máa mú nǹkan kan nínú okùn yìí, ẹ mú èyí: tí owó bá máa yí padà, iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ yí padà pẹ̀lú ẹ̀, kí oníbàárà sì fi ojú ara ẹ̀ rí ohun tó yọ.

Nínú ₦22,000 mónógíràmù yẹn, ₦8,000 jẹ́ ti bùbá àti ṣòkòtò. Mo ní: "Sà, a lè jẹ́ kí iṣẹ́ orí agbádá wà bó ṣe wà, ká yọ ti bùbá àti ṣòkòtò. Ó máa di ₦57,000. Tẹ́ ẹ bá wọ agbádá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bọ́ ọ nígbà tí ooru bá mú, bùbá tó wà nísàlẹ̀ á jẹ́ gbọrọgidi."

15/
Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìgbà wo làwọn á bọ́ agbádá níwájú àna. Wọ́n gba ₦57,000. Wọ́n san ₦40,000 sílẹ̀ kí n tó fi síásọ̀ kan aṣọ.

Ẹ ṣírò ẹ̀: mo gba ₦8,000 kéré sí ti àkọ́kọ́, ìnáwó mi náà sì fi ₦8,000 dín. ₦18,000 mi wà níbẹ̀ digbí. Bàbá náà ò sì lọ sílé pẹ̀lú èrò pé mo fẹ́ rẹ́ àwọn jẹ, torí wọ́n mọ ohun tí ₦8,000 yẹn jẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín jíjá owó àti yíyí iṣẹ́ padà nìyẹn.

16/
Ẹ tún ṣàkíyèsí pé mo sọ àléébù rẹ̀ fún wọn, ìyẹn bùbá gbọrọgidi. Ẹ má fo ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ nǹkan kan tẹ́ ẹ ò sì sọ ọ́ jáde, lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gba aṣọ ni ìjà máa bẹ̀rẹ̀, ẹ máa wá fi owó ara yín ṣe mónógíràmù náà. Mo máa ń kọ ohun tó yọ sínú ìwé tí mo kọ ìwọ̀n ara wọn sí, kí wọ́n rí i kí wọ́n tó sanwó.

17/
Ti ẹ̀kẹta ń kọ́, ẹni tó kàn ń ná ọjà? Ẹ má bínú sí i. Kò rí yín fín, àṣà ni. Ẹ̀rín ló ń fẹ́, ẹ fún un ní ẹ̀rín, kẹ́ ẹ sì fi ìdí iye yín múlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: "Mọ́mì mi, mi ò fi àyè ìnáwó sínú ẹ̀ ni. Iye tí mo pè fún yín ni mo pè fún gbogbo èèyàn." Ọ̀pọ̀ wọn á kùn díẹ̀, wọ́n á sì kó aṣọ sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fún un ní nǹkan ní dandan, ẹ gba nǹkan padà. Tó bá san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tó fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin dípò méjì, ìyẹn ní iye tirẹ̀. Tó bá jẹ́ aṣọ ẹbí bùbá mẹ́jọ tẹ́ ẹ lè tò lé ara wọn gé pọ̀, iṣẹ́ yín dín ní ti gidi, ẹ lè dín owó. Ẹ̀dínwó tó ní ìdí ò ba yín lórúkọ jẹ́.

18/
Àwọn kan á ní, "Ṣebí kí n kàn pe 80 ni, kí n wá jábọ̀ sí 65, gbogbo wa á láyọ̀." Mo mọ àwọn tó ń ṣe é. Èmi ò fara mọ́ ọn fún iṣẹ́ tiwa, ìdí kan ṣoṣo ni: ẹni tí kò mọ ọjà ná lẹ máa jẹ níyà, ẹni yẹn sì ló máa ń fọkàn tán yín jù. Ó san 80. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ san 65. Lọ́jọ́ òde, wọ́n jókòó sí tábìlì kan náà pẹ̀lú irú aṣọ kan náà. Ẹ̀yin rò pé kí ni wọ́n máa sọ?

19/
Àwọn àṣìṣe méjì tí mò ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ti fẹ́ yí padà.

Àkọ́kọ́, wọ́n máa ń ka ìnira wọn sí oníbàárà létí: epo ti wọ́n, dọ́là ti gòkè, lánlọ́ọ̀dù fi owó kún un. Oníbàárà náà ń ra epo. Bó ṣe ń ka tirẹ̀ padà fún yín nìyẹn, ọjà á di ìdíje ìyà. Ẹ sọ ohun tó wà nínú aṣọ náà, ẹ fi ti epo sílẹ̀.

Ìkejì, wọ́n máa ń sọ pé "ẹni mọ iyì wúrà là á tà á fún." Òwe dáadáa ni, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ lójú oníbàárà, ẹ ti pè é ní aláìmọ̀kan nìyẹn.

20/
Ibi tí ọ̀rọ̀ mi mọ: nígbà mìíràn, ó wọ́n ní tòótọ́. Ẹ máa mọ̀ ọ́n báyìí. Tí àwọn tó ti rán aṣọ lọ́dọ̀ yín tẹ́lẹ̀, tí wọ́n mọ ọwọ́ yín, bá bẹ̀rẹ̀ sí í ní ó wọ́n. Tí ẹ bá béèrè ohun tí wọ́n fi wé e, tí iye kan náà ń jáde lẹ́nu oríṣiríṣi èèyàn, tí iṣẹ́ tó wà nínú iye yẹn sì dọ́gba pẹ̀lú tiyín. Ìgbà yẹn, ẹ gbé ìwé ìṣirò yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ wo ibi tí owó ń gbà jáde. Bóyá oní-mónógíràmù yín ló wọ́n. Tí kò bá sì sí ìwé ìṣirò kankan, ẹ ò ní mọ bóyá oníbàárà ló ń ná yín tàbí ẹ̀yin lẹ ń ná wọn.

21/
Nígbà mìíràn náà, owó oníbàárà ò ní tó lẹ́yìn gbogbo ẹ̀. Ẹni tó ní ₦30,000 fún agbádá yìí, kò sí ohun tí mo lè yọ tó máa bá a mu. Mo máa ń júwe télọ̀ kan fún un tí mo mọ̀ pé ó lè ṣe é ní iye yẹn, tí iṣẹ́ ẹ̀ sì mọ́. Ìyẹn ò dùn mọ́ni lọ́jọ́ tí ṣọ́ọ̀bù bá gbẹ. Ṣùgbọ́n kí n fi ọjọ́ mẹ́ta rán aṣọ tó jẹ mí lówó, àwọn ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni mi ò ní fi rí ẹni tó máa san pé.

22/
Nítorí náà, nígbà tí ẹlòmíràn bá tún ní "ó ti wọ́n jù" lónìí, ẹ fi ọwọ́ bo iye yín mọ́lẹ̀ ná. Ẹ bi í pé kí ló fi wé e, ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́. Lẹ́yìn náà lẹ máa wá mọ̀ bóyá iye ló yẹ kẹ́ ẹ ṣàlàyé, tàbí iṣẹ́ ló yẹ kẹ́ ẹ yí padà, tàbí ẹ̀rín lásán ló yẹ kẹ́ ẹ rín.

Ẹ̀yin kápẹ́ńtà, ẹ̀yin onígẹ̀lẹ̀, ẹ̀yin olóúnjẹ òde, mo fẹ́ gbọ́ tiyín: tí oníbàárà bá ní owó ò tó, kí lẹ máa ń yọ nínú iṣẹ́ tiyín tí kò ní ba iṣẹ́ náà jẹ́?